Gbèsè márùn-ún, £400 lóṣù: èwo ni ká kọ́kọ́ san tán?

Lẹ́tà tó mú ọ̀rọ̀ yìí wá kò ju ojú ìwé kan lọ. Ilé-iṣẹ́ káàdì kan ló kọ ọ́ sí ọmọ àbúrò bàbá mi tó ń gbé ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Wọ́n ní láti oṣù 18 sẹ́yìn, owó tó ti bá èlé àti ìtanràn lọ ju owó tó ti bá gbèsè fúnra rẹ̀ lọ, pé bó bá lágbára, kó fi kún ohun tó ń san. Láti ọdún 2018 ni àjọ FCA, tó ń ṣọ́ àwọn ayánilówó nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti pa á láṣẹ pé kí wọ́n máa kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Bí nǹkan kò bá yí padà títí di oṣù 36, ilé-iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ gbé ètò kan síwájú onígbèsè tí yóò fi lè san án tán láàárín àsìkò tó mọ níwọ̀n, wọ́n sì lè dá káàdì náà dúró bí kò bá dá wọn lóhùn.

Mo máa pè é ní Àbẹ̀kẹ́ níbí. Ó gbà kí n kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ó mọ̀ pé irú rẹ̀ pọ̀ láàárín wa. Mo kàn yí iye owó díẹ̀díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa tọ ipasẹ̀ rẹ̀ délé.

Ohun tó dùn ún jù ni pé kò fìgbà kan pẹ́ san rí. Oṣooṣù ni báńkì ń yọ owó náà fúnra rẹ̀, ó sì rò pé ẹni tí kò pẹ́ san ti ń jáde nínú gbèsè nìyẹn. Mo ní kó gbé ìwé àkáǹtì káàdì náà wá. Gbèsè ibẹ̀ jẹ́ £2,600. Iye tó kéré jù tí wọ́n ní kó san lóṣù yẹn tó £92. Nínú £92 yìí, èlé nìkan kó £66 lọ. £26 péré ló kan gbèsè. Bí ọ̀pọ̀ káàdì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń ṣe ìṣirò nìyẹn: èlé oṣù náà, pẹ̀lú ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbèsè. Bí gbèsè bá sì ti ń dín kù, iye tó kéré jù náà ń dín kù, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ń san iye tó kéré jù ń san owó tó ń kéré sí i lóṣooṣù. Ọ̀nà tí gbèsè kékeré fi ń pẹ́ lọ́rùn èèyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn.

Gbèsè rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Nígbà tí a kó gbogbo rẹ̀ sórí ìwé kan, márùn-ún ni:

- Bẹ́ẹ̀dì àti mátírẹ́ẹ̀sì tó rà láwìn: £240 ló kù, kò lélé, £40 lóṣù.
- Owó tó yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù: £480, èlé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù, ìyẹn APR 12.7, £60 lóṣù.
- Káàdì ilé ìtajà aṣọ kan: £700, APR 39.9, £30 lóṣù.
- Káàdì tó fi gba gbèsè àtijọ́ kan mọ́ra: £900, kò ní lélé fún oṣù 8 sí i, lẹ́yìn náà APR 24.9, £25 lóṣù.
- Káàdì ńlá tí lẹ́tà wá láti ọ̀dọ̀ rẹ̀: £2,600, APR 34.9, a sì sọ ìsanwó rẹ̀ di £95 lóṣù.

Àròpọ̀ gbèsè jẹ́ £4,920. Ohun tó gbọ́dọ̀ san lóṣooṣù kí ẹnikẹ́ni má bàa pè é lẹ́jọ́ jẹ́ £250.

APR ni iye tí èlé ń jẹ́ lọ́dún kan. Kí ó tó wúlò fún wa, a ní láti sọ ọ́ di ti oṣù kan. Lórí káàdì aṣọ yẹn, £100 kọ̀ọ̀kan ń bí £2.84 lóṣù. Lórí káàdì ńlá, ó ń bí £2.53. Lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, £1 péré ni. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é lórí kọ̀ǹpútà lè fi gbèsè oṣù yìí sí B2, kó fi ohun tó fẹ́ san sí C2, kó wá kọ èyí fún gbèsè oṣù tó ń bọ̀ (àpẹẹrẹ APR 39.9 ni mo lò):

```
=B2*1.399^(1/12)-C2
```

Kí a tó dé orí ohun tí a ó kọ́kọ́ san, a ní láti mọ iye tó wà nílẹ̀ láti san. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ètò ti ń wó. A kọ owó ilé, owó-orí kánsù, gáàsì àti iná, oúnjẹ, owó bọ́ọ̀sì. Mo ní kó kọ £60 tó ń fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde náà síbẹ̀, àti £50 àjọ tó ń dá. Ó kọ́kọ́ fẹ́ yọ méjèèjì kúrò. Mo kọ̀. Owó Màmá kì í ṣe owó tí èèyàn lè ṣe bí ẹni pé kò sí. Bí a kò bá kọ ọ́ sílẹ̀, yóò ṣì lọ lóṣù kejì, káàdì ni yóò sì ti jáde. Àjọ náà, ó ti ń dá a bọ̀, kò sì tíì kó. Lẹ́yìn gbogbo èyí, £400 ló lè fi sílẹ̀ fún gbèsè lóṣù. Ìyẹn ni pé £150 wà lórí £250 tó pọn dandan. Ibi tí £150 yìí máa lọ ni gbogbo àríyànjiyàn.

Ọ̀nà méjì làwọn èèyàn ń sọ. Èkíní, tí wọ́n ń pè ní sínóòbọ́ọ̀lù, tí Dave Ramsey sọ di ìlúmọ̀ọ́ká ní Amẹ́ríkà, ni pé kí a san iye tó kéré jù lórí gbogbo gbèsè, kí a wá kó gbogbo owó tó lé lórí gbèsè tó kéré jù láìwo èlé rẹ̀. Bí ìyẹn bá tán, owó rẹ̀ á para pọ̀ mọ́ tèyí tó tẹ̀ lé e. Èkejì, áfálánṣì, ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, àmọ́ èlé ló ń wò: gbèsè tí èlé rẹ̀ ga jù ló ń kọ́kọ́ gba owó, ì báà kéré, ì báà tóbi. Nínú méjèèjì, £400 ni yóò máa jáde lóṣooṣù títí gbèsè yóò fi tán. Ètò ìsanwó nìkan ló yàtọ̀.

Mo máa pe sínóòbọ́ọ̀lù ní kékeré-ṣíwájú, kí n pe áfálánṣì ní èlé-ṣíwájú. Lọ́dọ̀ Àbẹ̀kẹ́, kékeré-ṣíwájú yóò lọ báyìí: bẹ́ẹ̀dì, alájẹṣẹ́kù, káàdì aṣọ, káàdì tí kò lélé, káàdì ńlá. Èlé-ṣíwájú yóò lọ báyìí: káàdì aṣọ, káàdì ńlá, alájẹṣẹ́kù, pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì nígbẹ̀yìn, káàdì tí kò lélé yóò sì gòkè sí ẹ̀yìn káàdì ńlá láti oṣù kẹsàn-án, nígbà tí 24.9 bá wọlé.

Mo ṣe ìṣirò méjèèjì lóṣù kan tẹ̀ lé òmíràn lójú rẹ̀. Pẹ̀lú kékeré-ṣíwájú, gbèsè tán lóṣù kẹẹ̀ẹ́dógún, àpapọ̀ èlé sì jẹ́ £829. Pẹ̀lú èlé-ṣíwájú, oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún náà ló tán, èlé sì jẹ́ £737. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ £92 àti kọ́bọ̀ díẹ̀. Ẹni tó ti gbọ́ ariwo tí wọ́n ń pa lórí ọ̀rọ̀ yìí yóò rò pé ìyàtọ̀ náà á tó ẹgbẹ̀rún. Kò rí bẹ́ẹ̀ níbi tí gbèsè bá kéré tó báyìí, tí àkókò rẹ̀ kò sì ju ọdún kan àti díẹ̀ lọ. Bí gbèsè bá jẹ́ £20,000 tí yóò gba ọdún márùn-ún, ẹ máa ṣe ìṣirò náà, ẹ má gbára lé tèmi, nítorí ìyàtọ̀ lè pọ̀ níbẹ̀.

£92 kì í ṣe owó tí à ń dà nù. Owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni fún Àbẹ̀kẹ́ àti ọmọ rẹ̀. Nítorí náà mo kọ́kọ́ fẹ́ kó tẹ̀ lé èlé. Òun ló dá mi dúró.

"Bọ̀dá mi, ẹ wo oṣù karùn-ún yín yìí. Títí dìgbà yẹn, gbèsè márààrún ṣì wà lọ́rùn mi. Bí wọ́n bá gé ṣíìfù mi ńkọ́?"

Iṣẹ́ éjẹ́ǹsì ló ń ṣe. Ọ̀sẹ̀ kan lè ní ṣíìfù márùn-ún, ọ̀sẹ̀ kejì ó lè jẹ́ méjì. Mo padà wo ìwé náà pẹ̀lú ojú yẹn, mo sì rí ohun tí àpapọ̀ èlé kò fi hàn: iye tó pọn dandan láti san lóṣù kọ̀ọ̀kan. Nínú kékeré-ṣíwájú, bẹ́ẹ̀dì tán lóṣù kejì, alájẹṣẹ́kù tán lóṣù kẹta. £40 àti £60 tí wọ́n ń gbà kúrò nílẹ̀. Láti oṣù kẹrin, ohun tó pọn dandan kò ju £150 lọ. Nínú èlé-ṣíwájú, ohun tó pọn dandan ṣì wà ní £250 títí di oṣù karùn-ún.

Lójú tèmi, ibí ni ọ̀rọ̀ wà fún ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò dúró lójú kan. Gbèsè kékeré tí ìsanwó rẹ̀ pọ̀ dà bí okùn kúkúrú tó so mọ́ ọrùn: kò wúwo, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí èèyàn yí orí. £240 ti bẹ́ẹ̀dì yẹn ń gba £40 lóṣù, ìdá kan nínú mẹ́fà gbèsè náà. £900 ti káàdì tí kò lélé ń gba £25 péré. Bí a bá lo £240 láti pa ti bẹ́ẹ̀dì, £40 lóṣù á bọ́ lọ́wọ́ wa. Bí a bá lo £240 kan náà lórí káàdì tí kò lélé, kọ́bọ̀ kan kò ní yọ nínú ohun tó pọn dandan. Kékeré-ṣíwájú kò mọ ìyàtọ̀ yìí, iye gbèsè nìkan ló ń wò. Èlé-ṣíwájú náà kò mọ̀ ọ́n.

Mo wá béèrè pé ta ni ń jẹ £92 yẹn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì àti alájẹṣẹ́kù nìkan. Àwọn méjèèjì kéré, wọ́n sì tètè tán. Bíi ìdajì £92 ló wá láti oṣù kẹfà sí ìkẹjọ, nígbà tí kékeré-ṣíwájú kó owó lọ bá káàdì tí kò lélé, tí káàdì ńlá sì ń bí £2.53 lórí £100 kọ̀ọ̀kan nígbà náà. Níbẹ̀ ni mo ti rí i pé a kò ní láti mú ọ̀kan lódindi. A ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ̀ lé kékeré: bẹ́ẹ̀dì, alájẹṣẹ́kù, káàdì aṣọ. Lẹ́yìn ìyẹn, a ó fo káàdì tí kò lélé, a ó lọ bá káàdì ńlá, a ó wá fi káàdì tí kò lélé kẹ́yìn. Ìṣirò èyí náà tán lóṣù kẹẹ̀ẹ́dógún, èlé rẹ̀ sì jẹ́ £783. Ó fi £46 ju èlé-ṣíwájú lọ. £46 ni Àbẹ̀kẹ́ san kí £100 lóṣù lè bọ́ lọ́rùn rẹ̀ lóṣù kẹta. Èmi gbà pé ó tọ́.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ nípa ìtara tí pípa gbèsè kékeré tán ń fúnni. Ní 2012, David Gal àti Blakeley McShane tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn onígbèsè ní Amẹ́ríkà tó wà nínú ètò ìsangbèsè, wọ́n sì rí i pé ẹni tó ti pa ìpín tó pọ̀ jù nínú iye àkáǹtì gbèsè rẹ̀ ló ṣeé ṣe jù kó san gbogbo rẹ̀ tán, láìka iye owó tó wà nínú àwọn àkáǹtì náà sí. Mo rí irú rẹ̀ lójú Àbẹ̀kẹ́. Nígbà tí lẹ́tà dé pé gbèsè bẹ́ẹ̀dì ti parí, ó fi fóònù ya á ní fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ sí mi ní aago méjì òru láti ibi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni san £92 fún ìdùnnú nìkan. Ìdùnnú yẹn àti £100 tó bọ́ lọ́wọ́ ni £46 rà pọ̀.

Bí ó ṣe ṣe é gan-an nìyí. Ọjọ́ kan náà tó ń gba owó ni ó ní kí báńkì máa yọ gbogbo ìsanwó. Ó yí ti káàdì ńlá kúrò lórí "iye tó kéré jù", ó sọ ọ́ di £95 tí kò ní yí padà. Èyí ṣe pàtàkì ju bó ṣe rí lọ, nítorí bí a bá fi sílẹ̀ lórí iye tó kéré jù, ìsanwó náà á máa rọra dín kù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún wa. Lọ́jọ́ tí gbèsè bẹ́ẹ̀dì tán, kó tó jókòó, ó ti fi £40 náà kún ti alájẹṣẹ́kù. Bí èèyàn bá jẹ́ kí owó tó bọ́ náà sùn ní àkáǹtì fún ọ̀sẹ̀ méjì, ọjà á ti gbé e lọ. Ó bi ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù léèrè bóyá ìtanràn wà fún ẹni tó bá san ṣáájú àkókò. Wọ́n ní kò sí. Ó dára kí a béèrè, nítorí ẹ̀yáwó tọ́jọ́ rẹ̀ ṣì gùn láti báńkì lè ní ìtanràn kékeré kan nínú, òfin sì gba ẹnikẹ́ni láàyè láti béèrè iye tó máa fi parí rẹ̀ lónìí.

Káàdì aṣọ àti káàdì ńlá, ó gé wọn sí wẹ́wẹ́ kí ètò tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà méjèèjì ni yóò di òfo bí èèyàn bá ń fi £150 pa gbèsè tó sì ń fi káàdì ra £100 padà.

Lóṣù karùn-ún, ohun tó bẹ̀rù ṣẹlẹ̀. Ilé ìtọ́jú tó máa ń pè é jù gba àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀, ṣíìfù rẹ̀ sì já wálẹ̀. £160 ló rí kó jọ fún gbèsè lóṣù yẹn, àti lóṣù kẹfà náà. Ohun tó pọn dandan jẹ́ £150: £30 káàdì aṣọ, £25 káàdì tí kò lélé, £95 káàdì ńlá. Ó san gbogbo rẹ̀, kò sì pẹ́ san ọ̀kankan. Ká ní èlé-ṣíwájú ló tẹ̀ lé ni, £250 ni wọn ì bá máa retí lóṣù karùn-ún, gbèsè kan tàbí méjì ì bá sì bọ́. Bí ìsanwó káàdì kan bá bọ́, ìtanràn rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ £12. Ìyẹn ṣì fúyẹ́. Èyí tó wúwo ni pé àdéhùn káàdì tí kò lélé sọ pé bí ó bá pẹ́ san, wọ́n lè gba àǹfààní àìlélé náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí 24.9 bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Lójú ẹsẹ̀, £46 tí a rò pé a jèrè ti lọ. Àmì pípẹ́ san náà sì ń wà nínú ìwé ìtàn ìyáwó èèyàn fún ọdún mẹ́fà.

Lóṣù keje, ó ti rí iṣẹ́ ní ibòmíràn, £400 sì padà. Káàdì aṣọ tán lóṣù kẹjọ. Ó pè wọ́n kí ó tó san, ó béèrè iye tó máa parí rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó san án. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ìwé àkáǹtì mìíràn dé, £1 àti kọ́bọ̀ díẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ó pè mí pẹ̀lú ìbínú. Kì í ṣe jìbìtì. Ojoojúmọ́ ni èlé káàdì ń kóra jọ, nítorí náà èlé ọjọ́ díẹ̀ tó wà láàárín ìwé àkáǹtì àti ọjọ́ ìsanwó lè fà sẹ́yìn wá. Kí ó san án, kó ní kí wọ́n ti àkáǹtì náà pa, kó gba ìwé ẹ̀rí. Ẹni tí kò bá mọ èyí á rò pé ó ti tán, á gbàgbé £1 yẹn, á sì gba àmì pípẹ́ san lórí owó tí kò tó owó bọ́ọ̀sì.

Oṣù kẹjọ yẹn náà ni àjọ kàn án. Èèyàn 12, £50 ọ̀kọ̀ọ̀kan, £600. Ibí ni a ti jọ jiyàn jù. Káàdì tí kò lélé ti kù sí £700, oṣù tó ń bọ̀ ni 24.9 máa wọlé. Àbẹ̀kẹ́ ní kí á kó £600 lọ síbẹ̀, kí èlé má bàa bá nǹkan kan. Ẹ̀rù ọjọ́ tó ń bọ̀ ló ń bà á, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ni yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n káàdì ńlá ti ń gba 34.9 lónìí, kò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni. Lóṣù kan, £600 lórí káàdì ńlá ń gba £15.16 lọ́wọ́ èlé. Lórí kejì, lẹ́yìn tí àìlélé bá parí, ó máa gba £11.22. Kò sì ní pa káàdì kejì náà tán, £100 á ṣì kù, £25 lóṣù á ṣì wà nílẹ̀. Ká ní £700 ló kó ni, tó lè fi pa á tán pátápátá, mi ò bá rò ó lẹ́ẹ̀kejì nítorí ṣíìfù rẹ̀ tí kò dúró. Kò tó bẹ́ẹ̀. Ó kó £600 lọ sórí káàdì ńlá, gbèsè ibẹ̀ sì di £1,546.

Lẹ́yìn oṣù méjì tí kò fi san kún un, àti àjọ tó wọlé, oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún náà ni ó tán. Ìsanwó tó kẹ́yìn jẹ́ £25.58. Àpapọ̀ èlé tó san jẹ́ £806.

Nǹkan kan wà tó ì bá ti sàn ju ọ̀nà méjèèjì lọ, bí ó bá rí i gbà. Ká ní ilé-iṣẹ́ kan gbà láti gbé £2,600 ti káàdì ńlá sórí káàdì tuntun tí kò lélé, pẹ̀lú owó ìgbéwọlé bíi £3 lórí £100, £78 ni ì bá san lẹ́ẹ̀kan dípò ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún èlé. A wò ó lóṣù àkọ́kọ́. Àwọn ojú òpó ayánilówó ní àyẹ̀wò kan tí kì í hàn sí àwọn ayánilówó mìíràn, tó ń sọ bóyá wọ́n á gbà á. Wọn kò gbà á, nítorí káàdì rẹ̀ ti kún. Nítorí náà ẹni tó bá ní irú gbèsè yìí, kó kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò yẹn kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í to gbèsè. Dídín èlé kù lágbára ju títo gbèsè lọ.

Ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀ṣì rí ìwé Àbẹ̀kẹ́, ó ní kí n ṣe tirẹ̀. Nígbà tí a kó tirẹ̀ jọ, ohun tó pọn dandan fún un jẹ́ £510 lóṣù, owó tó sì wà nílẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ kò tó £300. Ó tún jẹ gbèsè owó-orí kánsù oṣù mẹ́ta. Mo pa ìwé náà dé. Owó ilé, owó-orí kánsù, gáàsì àti iná kò sí nínú ìtòlẹ́sẹẹsẹ yìí rárá. Àwọn ló ń kọ́kọ́ gba owó, nítorí àìsan wọn lè gba ilé tàbí iná lọ́wọ́ èèyàn, tàbí mú ilé ẹjọ́ wá. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá sì tó ohun tó pọn dandan kò nílò kékeré-ṣíwájú tàbí èlé-ṣíwájú. Ó nílò kí ẹnìkan bá àwọn ayánilówó sọ̀rọ̀. Mo fún un ní nọ́ńbà StepChange, mo sì sọ fún un nípa National Debtline àti Citizens Advice, àwọn tó ń gba onígbèsè nímọ̀ràn tí wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni. Ní England àti Wales, irú wọn lè bá a béèrè fún Breathing Space, ètò ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù karùn-ún 2021, tó ń dá ọ̀pọ̀ èlé àti ìlépa dúró fún ọjọ́ 60. Ó pè wọ́n lọ́jọ́ Ajé.